Lẹ́tà ìpín ogún: ohun tí Dáwódù gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kó tó dárúkọ iye

Ká sọ pé bàbá kan kú ní Ìbàdàn, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀. Ìyáálé bí mẹ́rin, ìyàwó kejì bí mẹ́ta, ìyàwó kẹta bí ẹyọ kan. Bàbá kò kọ ìwé ìhágún. Àkọ́bí ọkùnrin wá jókòó láti kọ lẹ́tà sí àwọn àbúrò rẹ̀ pé báyìí ni òun rò pé ká ṣe pín ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Bó bá gba ọ̀nà kan, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kẹta bí máa mú ₦2,400,000 nínú owó báńkì. Bó bá gba ọ̀nà kejì, ₦900,000 péré ni ọmọ náà máa mú. Ọ̀nà méjèèjì ni Yorùbá mọ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ olè níbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi máa ń dájà sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni.

Ìdílé tí à ń sọ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. A ó fi wọ́n tẹ̀lé lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ba lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ẹni tó kọ ọ́ kó gbogbo nǹkan jọ, ó sì fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n. Ilé tí ìdílé ń gbé, ilé tí wọ́n fi ń gba owó, ilẹ̀ tó ṣófo àti owó tó wà ní báńkì, olúkúlùkù ló ní òfin tirẹ̀.

## Kí ni agbára Dáwódù gan-an?

Dáwódù ni àkọ́bí ọkùnrin. Bí bàbá bá ti kú láìṣe ìhágún, ohun ìní rẹ̀ di ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, Dáwódù sì di olórí wọn. Òun ló ń bójú tó o, òun ló ń gba owó ilé, òun ló ń pe ìpàdé. Kò di onílé nítorí ìyẹn. Jíjẹ́ Dáwódù kò fi kọ́bọ̀ kún ìpín tirẹ̀ nínú ogún.

Bí Dáwódù bá ta nǹkan nínú rẹ̀ láìgba ohùn àwọn olórí ìdí yòókù, ìyẹn àwọn tó ń ṣojú ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gba kóòtù lọ, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fagi lé títà náà. Bí ẹlòmíràn bá sì lọ tà á lẹ́yìn Dáwódù, lójú òfin kò tíì ta ohunkóhun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà kì í ṣe “mo ti pinnu”. Ó lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin àbúrò mi, ọmọ bàbá mi, ẹ kú àfẹ̀kù Bàbá. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, àbá ni. Mi ò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun, mi ò sì ní fọwọ́ kan án títí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi sọ ohùn tiwọn.”

## Ṣé òfin ìbílẹ̀ ló kan ogún yìí?

Kí Dáwódù tó kọ ohunkóhun, kó kọ́kọ́ béèrè irú ìgbéyàwó tí bàbá ṣe. Bó bá jẹ́ pé bàbá lọ fẹ́ ìyàwó ní kóòtù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so yìgì, òfin ìjọba ló máa ń pín ogún rẹ̀ bí kò bá ṣe ìhágún, ìyàwó náà sì ní ìpín níbẹ̀. Bó bá ṣe ìhágún, ìwé náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí a sì máa pe àlùfáà láti fi òfin Ìsìláàmù pín in. Nínú ìyẹn, àwọn ìyàwó lápapọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ nígbà tí ọmọ bá wà, ọmọkùnrin sì ń gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin.

Ká gbà pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni bàbá tiwa ṣe, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ pín in lọ́nà ìbílẹ̀. Orí èyí ni ìyókù àlàyé yìí dá lé.

## Kí ni ogún, kí ni kì í ṣe ogún?

Ìpín kejì lẹ́tà náà ni àkọsílẹ̀ ohun tí bàbá ní. Ibí ni kí Dáwódù ti lo àsìkò tó pọ̀ jù, nítorí àwọn nǹkan kan wà tó jọ ogún tí kì í ṣe ogún.

Yàrá tí bàbá ní nínú agboolé bàbá rẹ̀ kì í ṣe ogún. Ti gbogbo ọmọ bàbá àgbà ni. Ẹ̀tọ́ tí bàbá ní láti lò ó kọjá sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àmọ́ wọn ò lè pín in tàbí tà á. Ohun tí bàbá ti fi tọrẹ nígbà ayé rẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí, ti kúrò nínú ogún pẹ̀lú. Bó bá ti fún ìyàwó kejì ní ṣọ́ọ̀bù, ti ìyàwó kejì ni, àní bí ìwé náà ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá. Kìkì pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà: ta ló wà níbẹ̀, ta ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà náà?

Èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni orúkọ tí bàbá kọ sílẹ̀ ní báńkì pé ká kàn sí bí nǹkan bá ṣe é. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ a máa rò pé òun ló ni owó. Òun kọ́. Ẹni tí báńkì lè kàn sí lásán ni. Owó náà ṣì jẹ́ ti gbogbo àwọn ọmọ. Ó dáa kí lẹ́tà sọ èyí gbangba láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí a lè rí ẹnìkan nínú àwọn àbúrò tó ti ń fi ìdánilójú ná owó náà lọ́kàn.

Ìgbà tí Dáwódù ṣe àkọsílẹ̀ tán, ohun tó kù rèé: ilé Òkè-Àdó tí àwọn ìyàwó àti ọmọ ń gbé, ilé onífúláàtì mẹ́rin ní Àkóbọ̀, pulọ́ọ̀tì méjì tó so mọ́ra ní Mọ́níyà, àti ₦9,600,000 ní báńkì.

Gbèsè ló ń kọ́kọ́ jáde. Bàbá jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦1,200,000. Owó ìsìnkú náà ń jáde níbẹ̀, àmọ́ kí a mọ èyí tí à ń pè ní owó ìsìnkú: pósí, sàárè, owó ilé ìgbókùúsí, oúnjẹ níwọ̀nba. Aṣọ ẹbí àti olórin kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹni tó pe olórin ni kó san owó olórin. Ká ní ₦700,000 ni owó ìsìnkú tiwọn. Kí wọ́n tún yọ ₦500,000 sọ́tọ̀ fún ìwé àṣẹ kóòtù tí a ó sọ nísàlẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á padà sápò. Ó wá ku ₦7,200,000 láti pín.

## Ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí?

Ìdí-igi túmọ̀ sí pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan. Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ni ogún pín sí, bó ti wù kí ọmọ tí ìyàwó kan bí pọ̀ tó. Àwọn ọmọ ìyá kan náà á wá pín tiwọn láàrin ara wọn. Orí-ò-jorí kò wo ìyá rárá. Iye ọmọ ló ń kà, olúkúlùkù á sì gba iye kan náà.

Ẹ wo ₦7,200,000 náà. Nípa ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba ₦2,400,000. Àwọn ọmọ ìyáálé mẹ́rin á mú ₦600,000 kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìyàwó kejì á mú ₦800,000 kọ̀ọ̀kan, ọmọ ìyàwó kẹta á dá mú ₦2,400,000. Nípa orí-ò-jorí, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á mú ₦900,000 kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìṣirò yẹn. Bí wọ́n bá kúrò nínú ìdí-igi bọ́ sí orí-ò-jorí, èèyàn méje nínú mẹ́jọ ló jèrè, ẹnìkan ṣoṣo ló pàdánù, ₦1,500,000 sì ni ohun tó pàdánù. Bí Dáwódù bá wá ní “ẹ jẹ́ ká dìbò sí i”, ó ti mọ ibi tí ìbò máa já sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa jèrè ₦300,000. Èmi ò rò pé ìbò bójú mu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí tó ní ọmọ púpọ̀ kò ní fìgbà kan pàdánù.

Kí wá ni òfin sọ? Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí ni ti ogún Ṣúbérù Dáwódù, tó kú ní 1940 tó sì fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. (Dáwódù jẹ́ orúkọ ìdílé tiwọn níbẹ̀.) Ẹjọ́ náà rìn títí dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà. Ní 1962 wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá gbà, ó sì ṣì wà láàyè. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló máa mú àlàáfíà wá.

Nítorí náà, lẹ́tà tó mọ́gbọ́n dání máa ń gbé ìdí-igi kalẹ̀, á kọ iye tó kan olúkúlùkù ní ọ̀nà méjèèjì, á sì jẹ́ kí ìdí tó kéré fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó fẹ́ yọ̀ǹda nǹkan. Ohun tí Dáwódù tiwa lè kọ nìyí:

“Mo mọ̀ pé bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, owó tó máa kan èmi àti àwọn ọmọ ìyá mi á pọ̀ sí i. Nítorí ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe ní dá a lábàá. Ìdí-igi ni mo fi síwájú yín. Bí ẹlòmíràn bá ní èrò mìíràn, kí ó ti ọ̀dọ̀ ìdí Ìyá Kékeré wá.”

## Ta la kà, ta la ò kà?

Ọmọbìnrin ń jogún bíi ọmọkùnrin nílẹ̀ Yorùbá, yálà ó ti relé ọkọ tàbí kò tíì lọ. Ọmọ tí bàbá bí síta tó sì jẹ́wọ́ pé òun ló bí i jẹ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ sì di ìdí kan bí kò bá sí nínú àwọn ìyàwó tí a ti kà. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 náà sọ pé ipò tí wọ́n ti bí èèyàn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó tó ti kọ bàbá sílẹ̀ tó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn, àwọn ọmọ tó bí fún bàbá ṣì jẹ́ ìdí kan. Bí ọmọ kan bá ti kú ṣáájú bàbá tó sì fi ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ló máa dúró sí ipò rẹ̀.

Àbúrò bàbá kò sí nínú rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà. Ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó lè jẹ́ onílàjà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ló ń dunni jù níbí. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, opó kò jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ tó bí ló ń gbà á. Ìyàwó tí kò bímọ kò ní ìdí. Ohun tó ní ni ẹ̀tọ́ láti máa gbé nínú ilé ọkọ rẹ̀, àti ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ìdí rèé tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ilé Òkè-Àdó lọ́tọ̀: “Ilé Òkè-Àdó, a ò ní pín in, a ò sì ní tà á. Àwọn ìyá wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa gbé inú yàrá tí wọ́n wà títí ọjọ́ ayé wọn.” Gbólóhùn méjì yìí nìkan máa ń pa iná ìjà tó pọ̀.

## Ilé Àkóbọ̀: ṣé ká pín in tán ni, àbí ká máa jẹ owó rẹ̀?

Ìyàtọ̀ tó wà níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ títí ẹnìkan á fi ta apá kan ilé. Bí ìdílé bá pín ilé tán pátápátá, tí wọ́n fi ìwé tì í, apá tó kan ìdí kọ̀ọ̀kan ti di tirẹ̀. Ó lè tà á, ó lè fi yá owó, bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ bínú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ní kí ìdí kọ̀ọ̀kan máa lo apá kan, ilé náà ṣì jẹ́ ti gbogbo wọn, ẹni tó ń lò ó kò sì lè tà á láìgba ohùn wọn. Bí lẹ́tà bá sọ pé “fúláàtì ìsàlẹ̀ di ti ìdí Ìyá Kejì” tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ èyí tó ní lọ́kàn. Lọ́yà méjì lè fi ọdún mẹ́wàá jà lé e lórí.

Ilé onífúláàtì mẹ́rin kò ṣeé là sí mẹ́ta bí iṣu. Òrùlé kan ló bò ó, kànga kan ni wọ́n ń pọn, ṣaláńgà kan ló sìn wọ́n. Ohun tó rọrùn ni pé kí wọ́n máa pín owó rẹ̀. Bí fúláàtì kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦400,000 wá lọ́dún, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba owó fúláàtì kan. Owó fúláàtì kẹrin á wà fún àtúnṣe, owó orí ilé àti ìwé. Bí ọdún bá parí tí owó kù nínú ìyẹn, kí wọ́n pín in sí mẹ́ta. Àwọn ìdílé tí kò ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ ló máa ń rí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé páànù ti jò, ayálégbé ti kó lọ, olúkúlùkù sì ń sọ pé kì í ṣe fúláàtì tòun ló jò.

Kí lẹ́tà náà sọ ọ́ tán: “Owó ilé Àkóbọ̀ la pín, a ò pín ilé. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè tà á láìsí ìbuwọ́lù ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

## Pulọ́ọ̀tì méjì, ìdí mẹ́ta

Pulọ́ọ̀tì Mọ́níyà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ó gùn ní 100. Méjèèjì pa pọ̀, iwájú wọn jẹ́ 100. Bí wọ́n bá là á sí mẹ́ta, iwájú ìkọ̀ọ̀kan á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 33 àti díẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ́lé bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ilé tó kù kò ju ẹsẹ̀ bàtà 13 lọ ní fífẹ̀. Ìyẹn ò tó ilé. Gbogbo wọn á ní ilẹ̀, kò ní sí ẹni tó lè lò ó.

Pàṣípààrọ̀ ló dáa níbí. Kí wọ́n pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídíye lé ilẹ̀, kí ó má jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ká ní ó ní pulọ́ọ̀tì kan tó ₦3,000,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦6,000,000, nítorí náà ₦2,000,000 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìdí méjì tó bá mú ilẹ̀ ti mú ₦3,000,000, kí ìkọ̀ọ̀kan wọn dá ₦1,000,000 padà látinú ìpín owó báńkì rẹ̀. Ìdí kẹta á gba ₦2,000,000 yẹn lówó. Ilẹ̀ yìí, ẹ pín in tán, nítorí ẹni tó bá máa kọ́lé sí i gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tòun ni. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ní kí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ya àwòrán tuntun fún pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí lọ́yà sì kọ ìwé ìpín.

Ta ló máa kọ́kọ́ yàn? Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé Dáwódù ló gé e, ó sàn kí òun gba èyí tó bá kù.

## Owó báńkì kò ní tẹ̀lé lẹ́tà

Bí gbogbo ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá tiẹ̀ buwọ́ lu lẹ́tà, báńkì kò ní san kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ àbójútó ogún ló ń wò, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ ló sì ń fún èèyàn, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ogún olóògbé. Wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, báńkì á kọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà. Àwọn onídùúró á buwọ́ lù ú, kóòtù á ṣe ìkéde, á sì dúró wò bóyá ẹnìkan fẹ́ ta kò ó. Owó tí kóòtù ń gbà, ìdá kan nínú iye ogún ni, ó sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni ₦500,000 tí a yọ sọ́tọ̀ ń dúró dè.

Ẹni mẹ́rin ni kóòtù lè fi orúkọ wọn sínú ìwé náà, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdílé tiwa, ọmọ ìyàwó kẹta ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 14. Bí ọmọdé bá wà nínú ẹni tó ń jogún, ó kéré tán ẹni méjì ni kó jẹ́ alábòójútó. Kí Dáwódù dá a lábàá pé ẹnìkan láti ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ìyá ọmọ náà sì dúró fún ìdí tirẹ̀. Ìpín ọmọ náà á wà ní àkántì ọ̀tọ̀ títí yóò fi pé ọdún 18. Wọ́n lè fi san owó ilé ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Káàdì báńkì bàbá ńkọ́? Kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ nọ́ńbà káàdì bàbá wọn, wọ́n á sì ní owó òkú làwọn fẹ́ fi ṣe. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, ẹni tó bá yọ owó náà láìgba ìwé àṣẹ ti dáràn, àkọsílẹ̀ báńkì á sì fi ọjọ́ àti wákàtí hàn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá a ṣẹjọ́.

## Ìbuwọ́lù, àti ẹni tó bá kọ̀

Kí Dáwódù fún wọn ní àsìkò tó tó láti fèsì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pọ̀ jù. Kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn kọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn sínú ìwé. Ìdákẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ẹni tó dákẹ́ nílé lè lọ kọ ìwé àtakò sí kóòtù nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àṣẹ, gbogbo nǹkan á sì dúró gbagidi títí adájọ́ á fi gbọ́ ọ.

Bí àríyànjiyàn kò bá tán lórí ìdí-igi, ìgbà yẹn ni olórí ẹbí lè wo orí-ò-jorí. Nígbà tó jẹ́ pé Dáwódù tiwa ló máa jèrè níbẹ̀, kí ó má dá a ṣe. Kí ó pe àbúrò bàbá àti àwọn àgbà ẹbí jókòó, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi yí i padà sílẹ̀, kí ìdí Ìyá Kékeré sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́.

Bí wọ́n bá gbà, kí gbogbo ọmọ tó ti pé ọdún 18 buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan, nítorí ojú ìwé àárín ni wọ́n máa ń pààrọ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì tí kò sí nínú ìpín buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àbúrò bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́yà tó ń ṣe ìwé Mọ́níyà.